Máìkì Yìí, Ṣé Tiwa Ni? Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ohun Èlò Ilé Ìjọsìn

Ẹ wo máìkì méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n, wọ́n wúwo bákan náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lára wọn. Ọ̀kan jẹ́ tiwa. Èkejì kì í ṣe tiwa rárá, ó sì ti sùn sínú àpótí wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ ìwé ohun èlò ilé ìjọsìn. Ì báà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà ṣe mọ́ṣáláṣí, wáyà ò mọ ẹ̀sìn.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fa ìlà sínú ìwé. Ẹ mọ ìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa ló wá yá máìkì aláìníwáyà kan, ó fẹ́ lò ó níbi ìgbéyàwó. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ: "Máìkì dúdú kan, ó dára. Ẹgbẹ́ akọrin. Wọn á dá a padà lẹ́yìn ìgbéyàwó." Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "máìkì dúdú kan." Èwo nínú wọn? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Àá kọ módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sílẹ̀." Módẹ́ẹ̀lì kò tó! Orúkọ ìdílé ni módẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jẹ́ ẹ. Nọ́mbà síríà lorúkọ àbísọ, òun nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Ìbejì kan wà nínú ẹbí wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀ẹ̀melòó la ò ti na Táíwò nítorí ohun tí Kẹ́hìndé ṣe! Ìyá wọn nìkan ni kò jẹ́ ṣì wọ́n mú, torí ó mọ àpá kékeré kan lẹ́yìn etí Táíwò. Nọ́mbà síríà ni àpá ẹ̀yìn etí yẹn. Ẹni tí kò bá yí etí wò, ọmọ ọlọ́mọ ló máa nà.

Níbo la ti ń rí i? Lára máìkì aláìníwáyà, ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ wo inú ihò tí bátìrì ń gbé. Níbẹ̀ ló sábà máa ń wà, wọ́n kọ S/N síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé dé. Ríṣífà tó ń gba ohùn máìkì náà ní nọ́mbà tirẹ̀, lẹ́yìn tàbí lábẹ́. Nọ́mbà méjì ni! Ẹ kọ méjèèjì sórí ìlà kan, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ìgbì tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ pẹ̀lú MHz. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè ṣe módẹ́ẹ̀lì kan náà sí oríṣiríṣi ìgbì. Tí ti máìkì bá yàtọ̀ sí ti ríṣífà, wọ́n dà bí adití méjì tó kọjú síra wọn. Ẹ rántí gbólóhùn yìí, a óò padà sí i.

Ti kíbọ́ọ̀dù sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ti míkísà, ámpù àti sípíkà wà lẹ́yìn, nítòsí ibi tí wáyà iná ń wọlé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, torí bébà tí wọ́n kọ nọ́mbà náà sí máa ń ṣí, ó sì máa ń parẹ́. Fọ́tò náà á tún gbà yín lọ́wọ́ B tó jọ 8 àti O tó jọ òdo. Ohun tí kò ní nọ́mbà, bí gángan, wáyà àti ìdúró máìkì, ẹ fún un ní tiyín: ìlù kìíní L-01, èkejì L-02. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ ìlù o, ẹ má sì fi dí ihò tí ooru ń gbà jáde lẹ́yìn ámpù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ̀gẹ́ kan nìyí. Tí nọ́mbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, bíi 00417, Excel á gé òdo náà dànù, 417 ló máa kù. Kí ẹ tó tẹ nọ́mbà kankan, ẹ yí gbogbo òpó yẹn sí Text. Kí ẹ TÓ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn, òdo tó ti lọ kò ní padà.

Ó yá, "ó dára." Báwo ló ṣe dára? Ta ló gbọ́ ọ? Ẹ má kọ ìdájọ́, ohun tí ẹ ṣe àti ohun tí ẹ gbọ́ ni kí ẹ kọ. Ti máìkì: mo fi bátìrì tuntun sí i, mo sọ̀rọ̀ sí i, mo rìn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohùn kò já, mo tàn án, mo pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ta pàpà, irin orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ lápá ọ̀tún. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló máa gba ẹni tó yá a lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ti kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, ìṣẹ́jú méjì kò pé. Kí ẹ sì ka ádápítà rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu ádápítà 9V lè wọ ihò kíbọ́ọ̀dù tó ń fẹ́ 12V wẹ́kú, ó sì tún lè jẹ́ pé apá iná tó yẹ kó wà láàárín ẹnu rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pé ó wọlé kò fi hàn pé tirẹ̀ ni, ó lè ba nǹkan jẹ́. Ìlà tirẹ̀ ni kí ádápítà ní.

"Ẹgbẹ́ akọrin" ńkọ́? Ẹgbẹ́ kì í yá nǹkan! Èèyàn ló ń yá a. Ẹgbẹ́ kò ní ọwọ́ tó fi gba máìkì, kò sì ní fóònù tí ẹ lè pè. Orúkọ ẹni tó na ọwọ́ gbà á ni kí ẹ kọ, ì báà jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ló rán an.

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó" kì í ṣe ọjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù. Ọ̀nà tí mo fi ń yan ọjọ́ náà ni pé mo máa ń kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ tí a máa lò ó. Tí ìsìn bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, nǹkan gbọ́dọ̀ ti wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Tí ó bá jẹ́ fún Jímọ̀, kó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ tó ṣẹ́kù wà fún àtúnṣe tí ó bá bàjẹ́.

Wàyí o, ẹ sún mọ́ mi, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà la dé yìí, kì í sì í ṣe ìgbà tí nǹkan ń jáde. Ìgbà tó ń PADÀ ni. Nígbà tó ń jáde, ojú gbogbo wa máa ń là. Nígbà tó bá padà, inú wa á dùn, àá ní "ẹ ṣeun," àá fàmì sí i, ó parí. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Akọrin yẹn dá máìkì padà lọ́jọ́ tó yẹ, mo fàmì sí i, mo jù ú sínú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a gbé e jáde. Iná tara rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n iná ríṣífà tó yẹ kó fi hàn pé ó gbọ́ ọ kò mira. A pààrọ̀ bátìrì. A yí eríàlì. A bú ríṣífà. A gbé ríṣífà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Òun ló bi mí léèrè pé, "Ṣé máìkì rẹ̀ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé? Ó tú ìdí rẹ̀, ó ka ìgbì tó wà nínú ihò bátìrì, ó yàtọ̀ sí ti ríṣífà. Adití méjì.

Nọ́mbà wa kò sí nínú ìwé. Ohun tó yọ wá ni páálí tí wọ́n kó o wọ̀ nígbà tí a rà á, tí ẹnì kan kò jẹ́ ká sun. Nọ́mbà síríà wà lára páálí náà, kò sì bá ti máìkì yìí mu. Mo pe akọrin wa. Ó ronú títí, ó rántí pé àwọn olórin mìíràn wà níbi ìgbéyàwó náà, máìkì wọn jọ tiwa bí ìmumu. A rí wọn lórí fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn náà ti ń bú ríṣífà tiwọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Nítorí náà, tí wọ́n bá dá nǹkan padà, ẸNI TÓ DÁ A PADÀ KÒ GBỌDỌ̀ TÍÌ LỌ. Mo tún un sọ: kò gbọdọ̀ tíì lọ. Á ní òun ń kánjú. Gbogbo wa là ń kánjú! Níṣojú rẹ̀, ẹ ka nọ́mbà sókè, kí ó máa fojú bá a lọ nínú ìwé. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kan náà tí ẹ ṣe nígbà tó ń jáde, kì í ṣe òmíràn, kí ẹ lè fi ìlà kan wé èkejì. Ẹ ka ádápítà àti wáyà tó bá a lọ. Ẹ yọ bátìrì, torí bátìrì tó bá jo sínú ihò yẹn á jẹ irin rẹ̀, á sì ba nọ́mbà tí à ń wá kiri jẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àyẹ̀wò yìí kò lè rí gbogbo nǹkan o. Ámpù mìíràn á ké dáadáa nígbà tó tutù, á sì dákẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan tó bá gbóná. Èmi máa ń fi àyè kékeré sílẹ̀ nínú ìwé fún ohun tí a rí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó lẹ́yìn tó padà. Mi ò ní dá ẹni tó yá a lẹ́bi lórí ìyẹn nìkan, torí ó lè ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ìlà ọjọ́ yẹn lónìí nìyí:

"M-03. Máìkì 3BH0081746, ríṣífà 3BR0052290, ìgbì bára mu. A sọ̀rọ̀ sí i dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kò já. Irin orí tẹ̀ lọ́tùn-ún. Máìkì nìyẹn pẹ̀lú ríṣífà, ádápítà kan, wáyà kan. Orúkọ ẹni tó gbà á àti nọ́mbà fóònù rẹ̀. Ó jáde 13/6, yóò padà 16/6."

Ní ti àlejò ọwọ́ mi yìí, àwọn tó ni ín ń bọ̀ lọ́la, wọ́n á gbé tiwa tó wà lọ́dọ̀ wọn dání. Mo ti ní kí wọ́n tú ìdí rẹ̀, kí wọ́n ka nọ́mbà fún mi lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé.