Kí Aró Má Ṣì Nínú Fọ́tò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Tó Ń Ta Àdìrẹ Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nídìí àdìrẹ, mo kí yín. Ẹjọ́ kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí: oníbàárà rí aṣọ lórí fóònù, ó sanwó, aṣọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ní kì í ṣe èyí tí òun rí nìyẹn. Èyí tó rí mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run, èyí tó gbà dúdú kirikiri. Ẹni tó tà á kò purọ́. Fóònù ló tún àwọ̀ náà ṣe.

Ohun tó fà á ni pé fóònù kò mọ̀ pé aṣọ aró ló wà níwájú òun. Bí dúdú bá ti kún ojú rẹ̀, ó gbà pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì bu ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀, aró á wá ṣì. Bí ẹ bá sì tẹ́ aṣọ kékeré sórí funfun gbalaja, òdìkejì ló máa ṣe: funfun á di àwọ̀ eérú. Ẹ fi ìka tẹ ibi tí aṣọ wà lójú fóònù, kí ẹ má tètè gbé e kúrò. Lórí aífóònù, AE/AF LOCK á jáde. Lórí ọ̀pọ̀ Áńdíróìdì, àmì àgádágodo ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó yọ síbẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ inú fóònù yóò fi bá aṣọ tó wà níwájú yín mu. Ẹ kọ́kọ́ pa ètò tó máa ń mú kí ojú fóònù pọ́n lálẹ́ kí ẹ tó ṣe èyí, torí ó lè tan ojú yín jẹ.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti yà á. Kí aṣọ jìnnà sí fèrèsé tó bíi mítà kan, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Bí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, ẹ gbé káàdìbọ́ọ̀dù funfun dúró kó dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí ló ń fi dídán aṣọ tí wọ́n lù hàn. Fíláàṣì kì í jẹ́ kó hàn rárá. Ẹ pa gílóòbù pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sábà máa ń pọ́n díẹ̀ ju ti ojú ọ̀sán lọ, fóònù kò sì lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dàrú, ẹ fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Bí bébà bá pọ́n lápá kan, tó sì búlúù lápá kejì, gílóòbù kan ṣì ń tàn níbì kan.

Ògiri tún máa ń da àwọ̀ sára aṣọ. Ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé á mú kí ibi funfun inú àdìrẹ rí bí ewé. Fún aró, mo fara mọ́ kóra tí kò ní àwòrán kankan, tó ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ sì ti lọ̀ dáadáa. Ẹ má fi ańkárá ṣe ẹ̀yìn fún àdìrẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn ṣe àpẹẹrẹ. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, òpó wọ̀nyẹn ló sì máa tú yín fó bí ẹ bá gbé fóònù wọ́. Bí fóònù bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, àwọn òpó á fì síra wọn. Ẹ gbé aṣọ náà kọ́, kí fóònù wà ní ìwọ̀n àárín gíga rẹ̀, kí ẹ tan ilà tó pín ojú kámẹ́rà, kí ẹ fi òpó wé e. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ lo 1x tàbí 2x, 0.5x máa ń fẹ igun aṣọ. Lẹ́yìn odindi aṣọ, ẹ ya èyí tí ẹ ká, ẹ sún mọ́ ilà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ fà, kí ẹ sì ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ju iwájú lọ. Ẹni tó mọ àdìrẹ á fẹ́ rí i.

Kí gbogbo ọjà yín lè jọra, ẹ fi téèpù sàmì sí ilẹ̀ níbi tí aṣọ àti fóònù ń dúró, kí ẹ máa yà á ní wákàtí kan náà, kí fọ́tò sì máa tẹ̀ léra bákan náà. Bí òjò bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ á túbọ̀ búlúù. Ẹ wo bébà yẹn, tàbí kí ẹ fi ṣe ọ̀la. Ẹ má fi fítà Ínsítágíráàmù kankan sí i.

Fóònù oníbàárà náà ní àwọ̀ tirẹ̀, a ò sì lè ṣàkóso ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò bóyá aró náà ṣú ni tàbí ó mọ́lẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ ní HD lórí Wáàsáàpù, kí ẹ sì fi fídíò kúkúrú tì í lẹ́yìn, níbi tí ẹ ti ń yí aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.